Ìdá Tó Gbé Ìdá Rù: Àkọsílẹ̀ Ìṣirò Kan ní Mọ́kọ́lá, Níbi tí Òdo ti Jẹ́rìí sí Ìdáhùn tí Kò Tọ̀nà

Ìṣirò tí mo fẹ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí wá láti inú ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún kejì ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, tó ń wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mò ń kọ́ ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Mo yàn án nítorí pé ọmọ náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe: nígbà tó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi nọ́ńbà kan dán ìdáhùn náà wò, ìdánwò náà sì bára mu rẹ́gí. Síbẹ̀, ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ọ̀nà tí irú èyí gbà ń ṣẹlẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìdá tó ní ìdá nínú di kékeré.

Ìṣirò náà nìyí:

```
   x         3
 -----  -  -----
 x + 2     x - 2
-----------------
           32
   1  -  ------
         x² - 4
```

Ìlà gígùn tó wà láàrin ni olórí. Òun ló sọ pé kí a fi gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ pín gbogbo ohun tó wà lókè, nígbà tí àwọn ìlà kéékèèké ń ṣe iṣẹ́ tiwọn lábẹ́ rẹ̀ àti lórí rẹ̀. Mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fa ìlà olórí yìí gùn ju àwọn yòókù lọ dáadáa, nítorí pé bí gbogbo ìlà bá gùn dọ́gba, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kì í mọ èwo ló ń pín èwo mọ́ bó bá fi máa dé ìlà kẹta iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ náà tọ̀ ni pé kó kọ́kọ́ sọ òkè di ìdá kan ṣoṣo, kó sọ ìsàlẹ̀ náà di ìdá kan ṣoṣo, kó tó wá fi ọ̀kan pín èkejì. Ní òkè, ìsàlẹ̀ àjọlò fún àwọn ìdá méjèèjì ni x + 2 lọ́nà x − 2, èyí tó já sí x² − 4. Ohun tó kọ nìyí:

```
x(x - 2) - 3(x + 2)     x² - 5x - 6
-------------------  =  -----------
  (x + 2)(x - 2)          x² - 4
```

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú, ọmọ yìí kò sì ṣubú. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 3 kan gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́, kì í ṣe x nìkan. Nítorí náà, −3(x + 2) di −3x − 6. Ẹni tó bá kọ −3x + 6 yóò rí x² − 5x + 6, èyí tó ṣeé tú sí (x − 2)(x − 3) láìsí wàhálà kankan, ìrọ̀rùn yìí gan-an ló sì léwu. A ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára láti gbà pé bí gbólóhùn ìṣirò bá ti tú geere, a jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ dára. Nínú ìṣirò yìí, èyí tó tọ̀nà tú geere, èyí tí kò tọ̀nà náà tú geere, nítorí náà kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀ fún ẹni tó bá kánjú ṣí àkámọ́ rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, ó kọ 1 gẹ́gẹ́ bíi x² − 4 lórí x² − 4, ó sì yọ 32 kúrò:

```
x² - 4 - 32     x² - 36
-----------  =  -------
  x² - 4        x² - 4
```

Lẹ́yìn èyí, ó yí ìdá ìsàlẹ̀ lójú dé, ó sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá òkè. Ó pa x² − 4 tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ́, ó sì ṣẹ́ kù x² − 5x − 6 lórí x² − 36. Títí dé ibí yìí, kò sí àléébù kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ohun gbogbo ti yí padà. Ó rí x² lókè, ó rí x² nísàlẹ̀, ó fa igi lé méjèèjì lórí, ó sì kọ ohun tó kù: −5x − 6 lórí −36. Ó yí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ padà, ìdáhùn rẹ̀ sì di 5x + 6 lórí 36.

Nígbà tí mo fi ìka sí igi méjèèjì tó fà, kò jiyàn, ṣùgbọ́n kò gbà pẹ̀lú. Ó ní, "Sà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi òdo rọ́pò x nínú ìbéèrè, ìdá kan nínú mẹ́fà ló jáde. Mo fi òdo sínú ìdáhùn mi, ìdá kan nínú mẹ́fà náà ló jáde." Mo ka ìṣirò náà bó ṣe ṣe é sí eteetí ìwé rẹ̀, òtítọ́ ló sì sọ. Bí x bá jẹ́ òdo, òkè ìbéèrè náà jẹ́ ìdajì mẹ́ta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 9, èyí tó já sí 1/6. Ìdáhùn tirẹ̀ náà jẹ́ 6 lórí 36, tó já sí 1/6.

Mo ní kó fi 4 sí i. Ó ṣe é lórí pátákó níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òkè, 4/6 yọ 3/2 kúrò jẹ́ −5/6. Ní ìsàlẹ̀, 1 yọ 32/12 kúrò jẹ́ −5/3. Nígbà tó fi ọ̀kan pín èkejì, ìdajì ló rí. Ó wá fi 4 sínú ìdáhùn tirẹ̀, ó sì rí 26/36, ìyẹn 13/18. Ó dúró, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, 13/18 náà ló tún jáde. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ìbéèrè gbà láàyè bá ti fi hàn pé ìbéèrè àti ìdáhùn yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ ti parí: ìdáhùn náà kò tọ̀nà, kódà bí ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà mìíràn bá bára mu.

Ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn èyí dára gan-an, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ níbí bí mo ṣe dáhùn rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Sà, kí ló dé tí x² − 4 fi ṣeé kánsù, tí x² kò ṣeé kánsù?"

Ìdí ni pé ipò tí àwọn méjèèjì wà kò rí bákan náà. Nígbà tó pa x² − 4 rẹ́, gbogbo x² − 4 ló dúró gẹ́gẹ́ bí okùnfà, ìyẹn ni pé a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun yòókù tó wà lókè, a sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun yòókù tó wà nísàlẹ̀. Ohunkóhun tí kì í ṣe òdo, tí a bá fi sọ òkè di púpọ̀, tí a sì fi sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀, kò yí iye ìdá náà padà, ìdí nìyẹn tí a fi lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n nínú x² − 5x − 6, x² kì í ṣe okùnfà. Ẹyọ kan lásán ni nínú àwọn ẹyọ mẹ́ta tí a rò pọ̀ tàbí tí a yọ kúrò lára ara wọn. Mímú un kúrò lókè àti nísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé a yọ iye kan náà kúrò lára òkè àti lára ìsàlẹ̀, ìyọkúrò sì máa ń yí ìdá padà. Mo kọ èyí sí pátákó fún wọn láìlo x rárá:

```
10 - 4     6
------  =  -  =  2
10 - 7     3
```

Bí ẹnìkan bá fa igi lé 10 lókè àti nísàlẹ̀, −4 lórí −7 ni yóò kù, ìyẹn 4/7. Kò sí ẹni nínú kíláàsì náà tí yóò gbà pé 2 àti 4/7 jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà tí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ojú máa ń rí àṣìṣe yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn lẹ́tà ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ó wá ku kí a mọ ìdí tí òdo kò fi rí àṣìṣe náà. Ohun tí ọmọ yìí pa rẹ́ láìtọ́ ni x². Bí x bá jẹ́ òdo, x² náà jẹ́ òdo, a jẹ́ pé òdo ló yọ kúrò lára òkè, òdo náà ló sì yọ kúrò lára ìsàlẹ̀. Lójú nọ́ńbà yẹn, kò mú ohunkóhun kúrò rárá, báwo ni ìdánwò ṣe máa wá mọ̀ pé ohun kan sọnù? Láàárín gbogbo nọ́ńbà tó lè yàn, òdo nìkan ló lè gbà fún un. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé àsọdùn kọ́ ni mo ń sọ, nítorí náà a fi ìdáhùn tó tọ̀nà, tí yóò hàn láìpẹ́, ṣe dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, a sì wá ibi tí wọ́n ti pàdé:

```
36(x + 1) = (5x + 6)(x + 6)
36x + 36 = 5x² + 36x + 36
0 = 5x²
```

Kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè mú 5x² di òdo ju òdo fúnra rẹ̀ lọ. Ìdánwò tó ṣe náà bọ́ sí ibi kan ṣoṣo tí irọ́ àti òtítọ́ ti jọ ara wọn.

Èyí kò sọ òdo di ohun ìkórìíra. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan nínú kíláàsì kan náà ṣe àṣìṣe mìíràn tí òdo mú lójú ẹsẹ̀, mo sì máa dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òdo máa ń pa gbogbo ẹyọ tó bá ní x nínú mọ́, àṣìṣe tó bá sì wà lára irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ yóò lọ láìfarahàn. Nọ́ńbà 1 náà ní àìlera tirẹ̀, nítorí pé 1 lọ́nà 1 kò ju 1 náà lọ, ẹni tó bá sì kọ x níbi tó ti yẹ kó kọ x² kò ní mọ̀. Nínú ìṣirò yìí, mo fẹ́ràn 4 nítorí pé kò sọ ìdá kéékèèké kankan di ìdá tó ṣòro ṣírò, kò sì sí lára àwọn nọ́ńbà tí ìbéèrè náà kọ̀.

Bí a ṣe ń parí rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ kò gùn. A pa dà sí x² − 5x − 6 lórí x² − 36, a sì tú òkè àti ìsàlẹ̀ sí okùnfà kí a tó ronú nípa pípa ohunkóhun rẹ́. Nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀ tó jẹ́ −6, tí a rò pọ̀ tó jẹ́ −5, ni −6 àti 1. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín x² àti 6², tí a máa ń tú sí àkámọ́ méjì.

```
(x - 6)(x + 1)     x + 1
--------------  =  -----
(x - 6)(x + 6)     x + 6
```

Bí a bá fi 4 sí i, 5/10 ni, ìyẹn ìdajì, bí ìbéèrè ṣe wí. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ fa igi lé x lórí x + 1 àti x + 6 nígbà tó dé ibí, àwíyé tí mo ṣe lórí 10 ni kó pa dà sí.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn nítorí pé ó yára. A ó wá ìsàlẹ̀ àjọlò fún gbogbo ìdá kéékèèké tó wà nínú ìṣirò náà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápapọ̀, a ó sì fi í sọ òkè olórí àti ìsàlẹ̀ olórí di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, (x + 2)(x − 2) ni. Nígbà tó bá kan x lórí x + 2, x(x − 2) ni yóò kù. Nígbà tó bá kan 3 lórí x − 2, 3(x + 2) ni yóò kù. 32 lórí x² − 4 di 32 lásán, 1 sì di x² − 4. Gbogbo ìdá kéékèèké ti lọ ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, x² − 5x − 6 lórí x² − 36 náà la sì dé.

Orí 1 yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́kùnrin tí mo mẹ́nu kàn ti kọsẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tó rí pé ó jẹ́ ìdá di púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi 1 sílẹ̀ bó ṣe wà, bóyá nítorí pé kò rí ìsàlẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó lọ. Ìsàlẹ̀ olórí tirẹ̀ wá di 1 − 32, ìyẹn −31. Ìyọrísí bẹ́ẹ̀ yẹ kó fu ènìyàn lára, nítorí pé gbogbo x ti pòórá nísàlẹ̀, tí òkè kò sì ní ohun tó lè bá a pín mọ́. Nígbà tó fi òdo dán an wò, 6/31 ló rí dípò 1/6, ó sì ti mọ̀ kí n tó sọ ohunkóhun pé nǹkan kan ti bàjẹ́.

Ní tèmi, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú ìṣirò yìí, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Ìdí mi ni pé ọ̀nà kejì ń lé àwọn ìsàlẹ̀ kéékèèké lọ kíákíá, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbàgbé pé wọ́n ti wà rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa àwọn nọ́ńbà tí x kò gbọdọ̀ jẹ́.

Nínú x + 1 lórí x + 6, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló hàn pé a kò gbọ́dọ̀ lò, ìyẹn −6. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kọ nọ́ńbà mẹ́rin. Ó kọ 2 àti −2 nítorí pé wọ́n sọ ìsàlẹ̀ àwọn ìdá kéékèèké di òdo. Ó kọ 6 àti −6 nítorí pé wọ́n sọ gbogbo ìsàlẹ̀ olórí di òdo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdá kékeré kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀: x² jẹ́ 36, 32 lórí 32 jẹ́ 1, 1 yọ 1 kúrò kò sì ku nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wò. Wọ́n á yẹ àwọn ìsàlẹ̀ tí wọ́n fojú rí wò, wọn kò sì ní rántí pé ìsàlẹ̀ olórí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú.

Mo dúró pẹ́ lórí 6 pẹ̀lú wọn. Bí a bá fi 6 sínú ìdáhùn, 7/12 ni yóò jáde láìjanpata. Bí a bá fi í sínú ìbéèrè, òkè jẹ́ 6/8 yọ 3/4 kúrò, ìyẹn òdo, ìsàlẹ̀ náà sì jẹ́ òdo, òdo lórí òdo kò sì ní iye kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní 5, ìbéèrè àti ìdáhùn jọ jẹ́ 6/11. Ní 7, àwọn méjèèjì jẹ́ 8/13. Láàárín 5 àti 7, ní 6 gan-an nìkan ni ìbéèrè náà ti dákẹ́, tí ìdáhùn sì ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni ìdáhùn tó pé fi gbọ́dọ̀ gbé àwọn nọ́ńbà tí ìbéèrè kọ̀ dání:

```
x + 1
-----     x ≠ 2, -2, 6, -6
x + 6
```

Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá ìlà kékeré tó wà lápá ọ̀tún yìí ń yí nǹkan kan padà lóòótọ́. Dípò kí n ṣàlàyé, mo ní kó lọ wá x tí yóò mú kí ìbéèrè náà, bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, dọ́gba pẹ̀lú 7/12. Ó lo ìdáhùn kékeré náà, bó ṣe yẹ kí ẹni tó gbọ́n ṣe: 12(x + 1) dọ́gba pẹ̀lú 7(x + 6), 12x + 12 dọ́gba pẹ̀lú 7x + 42, 5x jẹ́ 30, x sì jẹ́ 6. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo pátákó. Ó pa 6 náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé ìṣirò náà kò ní ìdáhùn kankan.